Lẹ́tà ṣíṣí sí olùdarí ètò owó oṣù wa: ọdún wo lẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà?

Ọ̀gá wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú àmójútó wa. Ìwé tí ẹ fi ránṣẹ́ sí gbogbo òṣìṣẹ́ ti tẹ̀ wá lọ́wọ́. Ẹ sọ nínú rẹ̀ pé ní ọdún méjì tó kọjá, ẹ fi 15% kún owó oṣù, ẹ tún wá fi 25% kún un, pé àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 40%. Ẹ ní ọ̀wọ́ngógó ọjà jẹ́ 12% lọ́dún, ìyẹn 24% fún ọdún méjèèjì. Ẹ wá ní kí ẹni tó bá ń ráhùn pé owó òun kò rajà mọ́ lọ tún ìṣirò rẹ̀ ṣe.

Mo ti lọ tún un ṣe. Mi ò dárúkọ ilé-iṣẹ́ wa, mi ò sì dárúkọ ẹ̀yin náà, nítorí mi ò wá bú ẹnikẹ́ni. Mo kọ ọ́ sí gbangba nítorí pé ó dá mi lójú pé ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ níbòmíràn ti gba irú ìwé yìí rí, tí wọ́n sì panu mọ́ nítorí wọn ò mọ ibi tí wọn ì bá ti dì í mú.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbè yín lẹ́sẹ̀. Ìṣirò yín tilẹ̀ fi dù yín. A kì í ro àfikún ọdún kan pọ̀ mọ́ ti ọdún kejì, torí pé orí owó tó ti lé sí i ni àfikún kejì máa ń bọ́ sí. Owó tí ẹ fi 15% kún, tí ẹ tún fi 25% kún, ti di ìlọ́po 1.15 × 1.25, ìyẹn 1.4375. Ó fi 43.75% lé sí i, kì í ṣe 40%. Bákan náà ni ọ̀wọ́ngógó: 1.12 × 1.12 jẹ́ 1.2544, tí í ṣe 25.44%. Tí a bá wá pín ìkínní sí ìkejì, ohun tí owó oṣù wa lè rà fi 14.6% lé sí i láàárín ọdún méjì yẹn. Òótọ́ ni. Ẹnikẹ́ni tó bá ní irọ́ lẹ pa, kò mọ ìṣirò.

Ibi tí mo ti fẹ́ bá yín jà ni ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Àwọn àgbà ní bí a ò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a ò ní rí ẹni bá ṣeré. Ọ̀rọ̀ owó oṣù kì í ṣe eré, ọ̀gá wa, nítorí náà ẹ jẹ́ ká padà sí àná.

Kí á mú òṣìṣẹ́ kan tó ń gba 200,000 lóṣù ní oṣù kìíní ọdún tí mo máa pè ní ọdún kìíní. Mo lo nọ́ńbà tó ṣe rẹ́gí kí ìṣirò náà lè rọrùn, ẹni tó ń kà á sì lè fi owó tirẹ̀ rọ́pò rẹ̀, owó ìlú yòówù kó jẹ́. Àfikún tí ilé-iṣẹ́ fún un ní oṣù kìíní ọdún kọ̀ọ̀kan, láti ọdún kejì títí dé ọdún kẹfà tí a wà yìí, ni 5%, 5%, 10%, 15%, àti 25%. Fún ọ̀wọ́ngógó, 12% tí ẹ kọ sínú ìwé yín ni mo fi sí gbogbo ọdún náà.

Ohun tí a fi ń wọn ọ̀wọ́ngógó ni atọ́ka iye owó ọjà tí ọ́fíìsì ìṣirò ìjọba máa ń gbé jáde lóṣooṣù. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni. Wọ́n á ka iye tí àkójọ ọjà àti iṣẹ́ kan pàtó ń náni ní àkókò kan, wọ́n á pè é ní 100, wọ́n á sì máa wò ó lóṣooṣù bí iye tí àkójọ yẹn kan náà ń náni ṣe ń lọ sókè. Láti ọdún 1871 tí Laspeyres, onímọ̀ ọrọ̀-ajé ará Jámánì, ti kọ ọ̀nà ìṣirò rẹ̀ sílẹ̀ ni ọ̀nà yìí ti wà, òun náà sì ni ìpìlẹ̀ èyí tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń lò dòní. Tí atọ́ka bá jẹ́ 100 lọ́dún kìíní, tí ọjà sì ń fi 12% gbówó lórí lọ́dọọdún, yóò di 112 lọ́dún kejì, 125.4 lọ́dún kẹta, 140.5 lọ́dún kẹrin, 157.4 lọ́dún karùn-ún, yóò sì di 176.2 ní oṣù kìíní ọdún kẹfà.

Láti mọ ohun tí owó oṣù kan lè rà, tí a bá fi owó ọdún kìíní wọ̀n ọ́n, ẹ mú owó náà, ẹ fi atọ́ka oṣù ìbẹ̀rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ sì fi atọ́ka oṣù tí wọ́n san án pín in. Lórí tábìlì kọ̀ǹpútà, tí oṣù bá wà ní òpó A, tí owó oṣù wà ní B, tí atọ́ka sì wà ní C, ohun tí ẹ máa tẹ̀ sí òpó D ní ìlà kejì nìyí, kí ẹ tó fà á lọ sísàlẹ̀:

```
=B2*$C$2/C2
```

Àmì dọ́là méjèèjì yẹn ló ń di oṣù ìbẹ̀rẹ̀ mú kó má yẹsẹ̀ bí ẹ ti ń fà á. Ẹni tó bá gbàgbé wọn yóò rí i pé ohun tó wà ní òpó D kò yàtọ̀ sí ti òpó B rárá, nítorí oṣù kọ̀ọ̀kan ń fi atọ́ka ara rẹ̀ pín ara rẹ̀. Ẹni tí inú rẹ̀ bá dùn jù sí èsì rẹ̀, kó kọ́kọ́ yẹ ibẹ̀ wò.

Ohun tó jáde rèé. Lọ́dún kejì, owó tó wà lórí ìwé jẹ́ 210,000, ṣùgbọ́n ohun tó lè rà kò ju ti 187,500 ọdún kìíní lọ. Lọ́dún kẹta, ìwé ní 220,500, agbára rẹ̀ sì jẹ́ 175,781. Lọ́dún kẹrin ni ọ̀rọ̀ náà burú jù: 242,550 lórí ìwé, 172,642 ní agbára. Lọ́dún karùn-ún ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbérí díẹ̀, 278,933 lórí ìwé, 177,267 ní agbára. Lọ́dún kẹfà, lẹ́yìn àfikún ńlá tí ẹ fi ń yangàn, owó tó wà lórí ìwé di 348,666, agbára rẹ̀ sì jẹ́ 197,842.

Ẹ wo ibi tí ìwé yín ti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò, ọ̀gá wa. Oṣù kìíní ọdún kẹrin ni, ìsàlẹ̀ kòtò gan-an. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ìgbérí láti ìsàlẹ̀ kòtò yóò rí àlékún 14.6% dájúdájú, kò sì ní purọ́. Àmọ́ ẹni tó bá wọ̀n ọ́n láti ọjọ́ tí wọ́n gba òṣìṣẹ́ náà síṣẹ́ yóò rí àdínkù 1.1%. Owó kan náà ni, atọ́ka kan náà ni, ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ nìkan ló yàtọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi rò pé ẹni tó bá ń ṣe ìṣirò yìí gbọ́dọ̀ mú ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kó tó mọ ohun tí yóò jáde, kó sì mú un nítorí ìdí tí kò ní í ṣe pẹ̀lú èsì: oṣù tí wọ́n gbà á síṣẹ́, tàbí oṣù tí àdéhùn tó wà nílẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Àwa òṣìṣẹ́ náà lè fi ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ṣe màgòmágó. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti oṣù tó tẹ̀ lé àfikún ńlá kan, tó sì parí rẹ̀ sí oṣù tó ṣáájú àfikún mìíràn, lè sọ ilé-iṣẹ́ tó ń gbìyànjú di ọ̀dájú. Tí a bá fi oṣù kìíní bẹ̀rẹ̀, oṣù kìíní náà ló yẹ ká fi parí rẹ̀.

Ohun kan tún wà tó jọ mí lójú. Tí ẹ bá ro àfikún márààrún pọ̀ bí ẹ ti ṣe nínú ìwé yín, 5 àti 5 àti 10 àti 15 àti 25, ó jẹ́ 60. Ọ̀wọ́ngógó 12 lọ́nà márùn-ún náà jẹ́ 60. Lójú ẹni tó ń ro ó pọ̀, wọ́n dọ́gba, kò sẹ́ni tó jẹ ẹnì kankan ní gbèsè. Nígbà tí a bá sọ wọ́n di púpọ̀ bó ti yẹ, àfikún di 1.743, ọ̀wọ́ngógó di 1.762. Tí àpapọ̀ méjì bá dọ́gba, èyí tó ń lọ déédéé lọ́dọọdún ló máa ń ga ju èyí tó kéré lónìí tó pọ̀ lọ́la lọ. Ìyàtọ̀ rẹ̀ kéré níbí, ṣùgbọ́n kò sígbà tí kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ tó ń lọ ségesège ló ń fara gbá a.

Ẹ lè wá sọ pé 1.1% kì í ṣe ohun tó yẹ kí èèyàn torí rẹ̀ kọ lẹ́tà. Mo gbà. Láti dá owó oṣù padà sí ibi tó wà lọ́dún kìíní, 352,468 ló yẹ kó jẹ́ lónìí, ìyẹn 3,802 péré lórí ohun tí ẹ ń san. Tó bá jẹ́ ìyẹn nìkan ni, mi ò ní gbé kálámù.

Kòtò àárín yẹn lọ̀rọ̀ wà. Àfikún ńlá ọdún kẹfà gbé owó oṣù padà sókè láti ọdún kẹfà lọ, kò sì padà sẹ́yìn lọ san ohun tó ti dín. Lọ́dún kejì, 12,500 ló dín lóṣooṣù nínú agbára owó òṣìṣẹ́ yìí. Lọ́dún kẹta ó di 24,219, lọ́dún kẹrin 27,358, lọ́dún karùn-ún 22,733. Tí a bá ro mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, tí a sì sọ ọ́ di púpọ̀ ní oṣù méjìlá, ó lé díẹ̀ ní 1,041,000 ní owó ọdún kìíní. Ìyẹn ju owó oṣù márùn-ún odindi lọ. Òṣìṣẹ́ náà ṣe iṣẹ́ oṣù márùn-ún tí wọn kò san, láìsí ìwé kankan tó sọ bẹ́ẹ̀ fún un, bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún ló ń gba lẹ́tà tó kí i kú oríire àfikún.

Ẹni tó bá fi ìbẹ̀rẹ̀ wé òpin nìkan kò lè rí owó yìí láéláé. Ó ní láti kọ oṣù kọ̀ọ̀kan kalẹ̀, kó wo ohun tó dín, kó sì rò ó pọ̀. Mo rọ gbogbo ẹni tó ń kà mí pé òpó kan tún yẹ kó wà lẹ́yìn D, níbi tí wọn yóò ti yọ agbára oṣù kọ̀ọ̀kan kúrò nínú ti oṣù ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ kíyè sí i pé oṣù kìíní nìkan ni mo ń wò, ìyẹn oṣù tí àfikún ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, tí nǹkan ṣì dára. Ọjà kì í dúró de oṣù kìíní tó ń bọ̀. Ní ọ̀wọ́ngógó 12%, owó tó jẹ́ 200,000 ní oṣù kìíní ti wá sí bíi 180,000 ní agbára nígbà tó bá fi máa di oṣù kejìlá, tí a bá sì pín gbogbo ọdún dọ́gba, ó jẹ́ nǹkan bíi 190,000. Mi ò ka ìyẹn sí yín lọ́rùn nínú ìṣirò òkè yẹn, nítorí ọdún kìíní náà rí bẹ́ẹ̀, mo sì fẹ́ kí ohun tí mò ń fi wéra jẹ́ irú kan náà. Àmọ́ ó túmọ̀ sí pé ilé-iṣẹ́ tó ń fún òṣìṣẹ́ ní àfikún tó bá ọ̀wọ́ngógó mu gẹ́ẹ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ṣì ń san owó tó fi nǹkan bíi 5% kéré sí èyí tó dà bíi pé ó ń san. Bí ọ̀wọ́ngógó bá ṣe ń ga sí i ni èyí ń pọ̀ sí i.

Ẹ̀yin àti àwa gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún atọ́ka fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan, ọ́fíìsì ìṣirò máa ń yí ọdún ìpìlẹ̀ padà. Nọ́ńbà tó ti gun 350 á ṣàdédé padà di 100, nítorí wọ́n tún àkójọ ọjà ṣe, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ kíkà. Ẹni tí kò bá mọ̀ á fi nọ́ńbà tuntun pín ti àtijọ́, á wá rí i pé ọjà ti rọ̀ jọjọ, owó oṣù rẹ̀ sì ti di ti ọlọ́lá. Ohun tó yẹ ni pé kí á wá oṣù kan tí àtijọ́ àti tuntun jọ wà, kí á fi so wọ́n pọ̀. Kí a ní atọ́ka àtijọ́ jẹ́ 250 nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, tó jẹ́ 350 ní oṣù ìsopọ̀, tí tuntun jẹ́ 100 ní oṣù yẹn, tó sì jẹ́ 125.9 lónìí. 350 pín sí 250 jẹ́ 1.4. Ẹ fi 1.259 sọ ọ́ di púpọ̀, ó di 1.763. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ọjà ti fi 76% gbówó lórí, kò sì rọ̀ rárá.

Atọ́ka kì í sì í ṣe ti ẹnì kan. Àpapọ̀ ìnáwó gbogbo ìlú ni wọ́n fi díwọ̀n rẹ̀, ẹni tí owó ilé ń jẹ ìdajì owó oṣù rẹ̀ kò ní bá ara rẹ̀ níbẹ̀. Ìyẹn kò sọ ọ́ di asán. Ọ̀rọ̀ owó oṣù gbogbo ilé-iṣẹ́ la ń sọ, àpapọ̀ ló sì yẹ ká fi wọn àpapọ̀.

Ẹ tún gbé ọ̀rọ̀ ìgbéga yẹ̀ wò. Nínú ìwé yín, ẹ kó owó tí ẹ fún àwọn tí ẹ gbé sípò gíga mọ́ àfikún gbogbo gbòò. Ẹni tí ẹ fi ṣe ọ̀gá àwọn mẹ́fà, iṣẹ́ rẹ̀ ti yí padà, owó tó lé sí tirẹ̀ ni owó iṣẹ́ tuntun. Tí a bá pè é ní owó tó ń dí ọ̀wọ́ngógó, a ti sọ pé ọ̀fẹ́ ló ń ṣe ipò tuntun náà. Ipò ni kí á fi wé ipò: kí ni ẹni tó wà ní ipò yìí ń gbà lọ́dún kìíní, kí ni ẹni tó wà níbẹ̀ ń gbà lónìí?

Ọ̀kan kù tí kì í ṣe ẹ̀bi yín. Owó orí ni. Kí á ní òfin sọ pé 150,000 àkọ́kọ́ kò ní owó orí, pé a ó gba 20% lórí ohun tó bá lé. Lọ́dún kìíní, òṣìṣẹ́ wa mú 190,000 lọ sílé. Lọ́dún kẹfà, ó mú 308,933 lọ sílé, tí agbára rẹ̀ jẹ́ 175,296. Tí ìjọba kò bá sún 150,000 yẹn sókè bí ọjà ṣe ń gbówó lórí, àdínkù tó jẹ́ 1.1% lórí ìwé yín ti di 7.7% lápò òṣìṣẹ́. Nítorí náà, nígbà tí ẹnì kan bá sọ fún yín pé àdínkù tó bá òun ju bí ẹ ti ń ṣírò lọ, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀yin méjèèjì máa sọ òótọ́. Ọ̀rọ̀ ti yín ni owó kí wọ́n tó yọ nǹkan kúrò, tirẹ̀ ni owó tó wọ àpò. Kí ìwé ṣáà sọ èyí tó ń lò.

Mo mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí owó má wọlé fún ilé-iṣẹ́ lọ́dún kejì àti ìkẹta. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ sọ fún wa pé ẹ gé owó oṣù wa. Ẹni tó bá gba 5% nígbà tí ọjà ń lọ sókè ní 12%, wọ́n ti fi 6.25% gé owó rẹ̀, a lè jọ jókòó sọ ọ̀rọ̀ nípa gígé kan, bóyá a tilẹ̀ lè gbà á. Ohun tó ṣòro gbà ni gígé tó wọ aṣọ àfikún.

Ohun tí mò ń béèrè kò pọ̀. Ẹ gbé tábìlì kan jáde fún ipò kọ̀ọ̀kan, láti oṣù kìíní ọdún kìíní, pẹ̀lú atọ́ka oṣù kọ̀ọ̀kan, kí ìgbéga má sì sí nínú rẹ̀. Ẹ san 3,802 tó kù. Lórí owó oṣù márùn-ún tó wọ kòtò, ẹ pè wá ká jọ sọ ọ́, mi ò retí pé kí ẹ san gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ ká jáwọ́ nínú dídúró de oṣù kìíní. Ní Luxembourg, òfin ni pé nígbàkígbà tí atọ́ka bá ti fi 2.5% lé sí i, owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ á fi 2.5% lé sí i, oṣù yòówù kó bọ́ sí. Ní Belgium náà, owó oṣù ń tẹ̀ lé atọ́ka, wọ́n sì ti yọ tábà, ọtí àti epo bẹntiróòlù kúrò nínú èyí tí wọ́n ń lò láti ọdún 1994. Àwọn agbanisíṣẹ́ níbẹ̀ ń ráhùn pé ó ń ná wọn lówó, ìráhùn náà sì ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Níbi tí ọ̀wọ́ngógó ti jẹ́ 12%, 2.5% yóò máa pé ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta síra, èyí tó lè pọ̀ jù fún ọ́fíìsì yín. Ẹ lè fi í sí 6%, tí yóò máa bọ́ sí bí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún. Mo ti fi tábìlì mi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì yín pẹ̀lú lẹ́tà yìí, òpó D àti E wà níbẹ̀. Bí ẹ bá rí àṣìṣe nínú rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sí gbangba bí mo ti kọ èyí.

Èmi ni tiyín,
Òṣìṣẹ́ kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ yín